Ẹ yé é yọ àmì orí ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà dànù

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń sọ fún yín pé àmì kékeré tó wà lórí ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà, ti àwọn ọmọdé ni? Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gbé nóòtù wá bá mi, ọmọ tó fẹ́ lọ kàwé lọ́hùn-ún lórí síkọ́láṣíìpù, oníṣòwò tó fẹ́ máa bá wọn ná ọjà fúnra ẹ̀, wọ́n á ti da ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ kọ sínú ẹ̀ láìsí àmì kan ṣoṣo, wọ́n á wá ní àwọn ti mọ gbogbo ẹ̀ sórí. Èmi á ní ó dáa, ẹ kà á sí mi létí. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn ará Rọ́ṣíà kì í fi àmì yẹn sínú ìwé ìròyìn tàbí lẹ́tà tí wọ́n ń kọ síra wọn, torí èdè abínibí wọn ni, wọn ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún wọn. Inú ìwé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà, ìwé atúmọ̀ èdè, àti ìwé àwa àjèjì ni wọ́n ń fi sí. Ẹ̀yin wá wò ó pé ẹ ti dàgbà jù ú lọ, àbí?

Àwa Yorùbá tún ní ìṣòro tiwa níbẹ̀. A rí àmì tó dúró lórí а́ tàbí о́, ojú wa ti sọ fún wa pé ohùn òkè nìyẹn, a sì fẹ́ máa kọ ọ́ lórin bíi dò-rè-mí. Rárá o. Ohùn kọ́ ni àmì yẹn ń sọ. Ibi tí wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ ló ń tọ́ka sí, àwọn tó ni ín ń pè é ní ударе́ние. Nínú Yorùbá gbogbo sílébù ló ní ohùn tiẹ̀, a sì máa ń pe fáwẹ́lì kọ̀ọ̀kan já gaara. Nínú Rọ́ṣíà, sílébù kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi agbára pè nínú ọ̀rọ̀, wọ́n á fà á gùn díẹ̀, ẹnu á là dáadáa, àwọn yòókù, ṣe ni wọ́n máa ń kán wọn mọ́nu. Wàrà ni молоко́. Ẹ wò ó, о mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àmì wà lórí èyí tó kẹ́yìn, òun nìkan náà sì ni ẹ máa gbọ́ bí о gidi. Èyí tó ṣáájú ẹ̀ á di a. Ti àkọ́kọ́ á kéré débi pé ẹ ò ní mọ̀ bóyá a ni tàbí nǹkan míì, ẹ máa gbọ́ nǹkan tó jọ "m'lakó". Ẹni tó ti kọ́ ọ pé "mó-ló-kó", tó ki gbogbo о mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní kíkún, tó bá dé ṣọ́ọ̀bù tí ìyá arúgbó kan sọ ọ́ fún un, kò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tóun mọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé etí ẹ̀ di. Ọ̀rọ̀ míì ló kọ́ sórí ni.

Ẹ ti gbọ́ ti му́ка àti мука́, gbogbo tíṣà ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀: tẹ ti iwájú, ìyà àti ìrora ni, tẹ ti ẹ̀yìn, fúláwà ni. Ẹ ti gbọ́ pé плачу́ ni "mò ń sanwó", пла́чу ni "mò ń sunkún", ẹni tó bá sì ṣì í níwájú kásíà, kásíà á kàn wò ó, á ní kò burú, ọjà ti wọ́n. Писа́ть ni kí èèyàn kọ̀wé, ẹ bá tẹ ti iwájú ẹ̀, ìtọ̀ lẹ ń tọ̀ yẹn, mi ò sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ jù báyẹn lọ. Ẹ̀rín lásán làwọn yẹn ń fà, torí ọ̀rọ̀ tó yí i ká máa ń jẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ yín mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ.

Èyí tó ń dùn mí ni pé wọn ò sọ fún yín pé ibi tí wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀ máa ń ṣí kúrò bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣe ń yí padà. Ẹ mú ọwọ́, рука́. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti tẹ ẹ́. Ẹ sọ pé "mo rí ọwọ́", ó di ру́ку, ó ti sá wá síwájú. Ẹ sọ pé "kò ní ọwọ́", ó di руки́, ó ti padà sẹ́yìn. Ẹ wá sọ pé "àwọn ọwọ́", ó di ру́ки, ó tún ti wá síwájú. Ẹ wo méjì ìkẹyìn yẹn dáadáa: lẹ́tà wọn ò yàtọ̀ rárá, руки ni méjèèjì. Ọ̀kan ń sọ ọwọ́ kan, ìkejì ń sọ ọ̀pọ̀, ibi tí wọ́n ti tẹ ẹ́ nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fáwọn tó ń kọ́ lọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n má kọ рука́ nìkan sínú nóòtù, kí wọ́n kọ рука́, ру́ку, ру́ки pọ̀ lórí ìlà kan náà, pẹ̀lú àmì. Ẹni tó bá mọ mẹ́ta yẹn ti rí bó ṣe ń rìn.

Wásáàpù wá ni gbogbo òpùrọ́ ti ń ṣe tíṣà báyìí. Ọ̀kan ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ó ní òfin ẹ̀ rọrùn, pé sílébù tó ṣáájú ìkẹyìn ni kí wọ́n máa tẹ nígbà gbogbo. Mo ní olúwa ẹ̀, èdè Póláǹdì lo ń kọ́ wọn! Ní Póláǹdì, bó ṣe máa ń rí fún ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Rọ́ṣíà ò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Молоко́, ẹ̀yìn pátápátá. Де́вушка, ọmọge, iwájú pátápátá, sílébù mẹ́ta ló sì ní. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa wo lẹ́tà ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ò rí rí kẹ́ ẹ mọ ibi tí wọ́n ti tẹ ẹ́, àfi tí ё bá wà níbẹ̀, torí ё fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gba ìtẹ̀ náà nígbà gbogbo. Èyí tó kù, ẹ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí tipẹ́ o, mo ṣì ń ṣí i.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó kan owó, bóyá ẹ máa gbọ́. Oníbàárà mi kan ń ra ẹ̀yà ara ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà. Kò gbé kọ́ntíráàkì náà wá sọ́dọ̀ mi, ó ní owó mi ti pọ̀ jù, ó gbé e fún ọmọkùnrin kan tó gbé ibẹ̀ fúngbà díẹ̀. Gbólóhùn kan wà nínú ẹ̀ báyìí: Большая часть суммы вносится до отгрузки. Ọmọkùnrin yẹn túmọ̀ ẹ̀ pé "apá ńlá nínú owó la máa san kí wọ́n tó di ẹrù". Oníbàárà mi rò ó, ó ní ìdá 40 nínú 100, ṣé ìyẹn kì í ṣe ńlá ni? Ó fi ránṣẹ́, ó ń retí ẹrù. Ẹrù ò gbéra. Lẹ́tà ló ń dé, lẹ́yìn-ò-rẹyìn ló wá rántí mi.

Mo wo ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, mo kàn mí kanlẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ méjì ló ń wọ aṣọ kan náà níbẹ̀. Ọ̀kan wá látara большо́й, ńlá. Ìkejì wá látara бо́льший, èyí tó pọ̀ ju ìyókù lọ. Tí wọ́n bá lo méjèèjì mọ́ часть, tó túmọ̀ sí apá, lẹ́tà wọn á di ọ̀kan náà, большая. Больша́я часть ni apá ńlá, 40 lè wọ ibẹ̀, 30 náà lè wọ ibẹ̀ tẹ́nu bá mú yín. Бо́льшая часть ni èyí tó pọ̀ jù, ìyẹn gbọ́dọ̀ ju ìdajì lọ. Ẹ wá rí i pé nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí wà lára àwọn tí àwọn ará Rọ́ṣíà fúnra wọn máa ń fi àmì sí fún àgbàlagbà, torí wọ́n mọ̀ pé ó lè ṣi èèyàn lọ́nà. Ẹni tó tẹ kọ́ntíráàkì yìí ò yọ ara ẹ̀ lẹ́nu.

Báwo ni mo ṣe wá mọ èyí tí wọ́n ní lọ́kàn? Mi ò dá àfọ̀ṣẹ. Àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ò lè fara pa mọ́ síbi gbogbo. Nígbà tí gbólóhùn bá yí wọn sí "ti apá", lẹ́tà wọn á yà: ńlá á di большой части, èyí tó pọ̀ jù á di большей части. О wà nínú ọ̀kan, е wà nínú ìkejì. Mo bá ń ka kọ́ntíráàkì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní ojú ewé tó kángun sí ìkẹyìn mo rí i pé wọ́n á gbé ìwé ẹrù kalẹ̀ после оплаты большей части суммы. Е ni. Ọ̀rọ̀ ti parí. Ju ìdajì lọ ni wọ́n ń béèrè láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì san owó tó kù kí ẹrù tó kúrò nílẹ̀, ti owó tí wọ́n gbà fún àyè tí ẹrù fi jókòó ní wíà-háòsì, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn mọ Rọ́ṣíà sọ o, mi ò ní kò mọ̀ ọ́n. Kò kàn fìgbà kan bi ara ẹ̀ pé ibo ni wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ tóun ń kà yìí.

Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń túmọ̀, kẹ́ ẹ tó kọ gbólóhùn kan lédè míì, ẹ fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ tó lè ní ojú méjì nínú ẹ̀dà tiyín. Tó bá jẹ́ Word lórí Windows lẹ ń lò, ẹ tẹ lẹ́tà náà, ẹ tẹ 0301 tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ wá tẹ Alt àti X pọ̀, àmì á bọ́ sórí ẹ̀. Ẹ̀dà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún oníbàárà, ẹ yọ àmì kúrò nínú ìyẹn, torí lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ẹni tó bá wá "мука" kò ní rí "му́ка". Àmọ́ àmì kan yẹn péré ni kẹ́ ẹ yọ:

```python
text = text.replace("\u0301", "")
```

Àwọn kan máa ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó gé gbogbo nǹkan tó wà lórí lẹ́tà dànù, irú èyí tí wọ́n fi ń ba Yorùbá wa jẹ́ náà. Ẹ má dán an wò lára Rọ́ṣíà. Àmì tó wà lórí й àti ё kì í ṣe àmì ìtẹ̀, ara lẹ́tà ni. Á gé ti й kúrò, мой tó jẹ́ "tèmi" á di мои, "àwọn tèmi". Á gé ti ё náà, всё знают tó ń sọ pé wọ́n mọ ohun gbogbo á di все знают, pé gbogbo èèyàn ló mọ̀. Kọ̀ǹpútà ò ní fa ìlà pupa sábẹ́ wọn o, torí kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà gidi.