Èédú nínú ikùn: bí wọ́n ṣe rí i pé ó ń mú májèlé, àti ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé

Ní ọdún 1831, apòògùn ará Faransé kan, Pierre-Fleurus Touéry, dúró níwájú àwọn àgbà oníṣègùn ilẹ̀ rẹ̀ ní Párísì, ó sì gbé májèlé sítíríkínììnì mì. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tó gbé mì tó ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó lè pa ènìyàn. Èédú gíráàmù 15 ló pò mọ́ ọn. Kò gbọ̀n, kò na gan, kò sì kú. Ará Faransé mìíràn, Michel Bertrand, ti ṣe irú rẹ̀ ní 1813 pẹ̀lú ásẹ́níìkì gíráàmù márùn-ún, ṣùgbọ́n ti Touéry ni ayé kò gbàgbé.

Ó yẹ kí a ṣírò ohun tó ṣe yìí, nítorí inú ìṣirò náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Nǹkan bí mílígíráàmù 100 sítíríkínììnì tó láti pa àgbàlagbà. Ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ gíráàmù kan. Èédú rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 15. Ó túmọ̀ sí pé èédú fi ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ju májèlé lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ti po méjèèjì pọ̀ kí wọ́n tó kọjá ọ̀nà ọ̀fun, nítorí náà kò sí ìṣẹ́jú kankan láàárín májèlé àti èédú. Ẹ̀kẹta, sítíríkínììnì wà lára irú májèlé tí èédú fẹ́ràn láti dì mú. Ìwọ̀n tó, àkókò bá a mu, irú májèlé náà sì bá a mu. Ẹni tó bá gbé májèlé mì nínú ilé tàbí lóko kì í sábà ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí èédú fi ń gba ọ̀kan là tí kò sì rí nǹkankan ṣe fún èkejì.

Kí Touéry tó dé ni wọ́n ti rí àmì agbára yìí. Ní 1785, Lowitz, apòògùn kan ní Rọ́ṣíà, rí i pé tí omi oògùn tó ti pọ́n bá kan èédú, àwọ̀ rẹ̀ á mọ́. Àwọn oníṣúgà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi fọ ṣúgà di funfun. Ohun tó mú àwọ̀ kúrò lára ṣúgà náà ló ń mú májèlé kúrò nínú omi ikùn: ohun náà kò wọnú èédú bí omi ṣe ń wọ kànìnkànìn, ojú èédú ló lẹ̀ mọ́. Gbogbo agbára èédú wà ní bí ojú rẹ̀ bá ṣe fẹ̀ tó.

Ibẹ̀ ni èédú tí a mọ̀ ní ilẹ̀ Okun ti yàtọ̀ sí ti ilé ìwòsàn. Èédú igi tí wọ́n ń kó sínú àpò létí ọ̀nà Kábà jẹ́ igi tó jóná láìrí atẹ́gùn tó, ihò inú rẹ̀ kéré, ọ̀dà igi sì ti dí púpọ̀ nínú wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni Raphael von Ostrejko gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà láti ṣí àwọn ihò náà. Wọ́n á mú èédú tí wọ́n ti sun tẹ́lẹ̀, wọ́n á gbé e sínú iná tó gbóná tó bí 800 sí 900 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, wọ́n á sì fẹ́ ooru omi gbígbóná sí i. Ooru náà á jẹ díẹ̀díẹ̀ nínú ara èédú, á gbẹ́ àìmọye ihò tín-ín-rín sí i. Igi dára fún un, àmọ́ èèpo àgbọn dára jù, èèpo èkùrọ́ náà sì ṣe é ṣe. Nígbà ogun àgbáyé kìíní irú èédú yìí ni wọ́n fi sínú ìbòjú àwọn ọmọ ogun láti mú gáàsì olóró. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é ní àktíféètẹ́ẹ̀dì ṣákóòlù. Láti ibí lọ, tí a bá kàn ní èédú, òun ni a ń sọ.

Gíráàmù kan rẹ̀, tí kò kún ṣíbí, ní ojú tó tó nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 1,000 tí a bá tẹ́ gbogbo ihò rẹ̀ sílẹ̀. Gíráàmù méje á bo pápá bọ́ọ̀lù kan. Èyí ni kò jẹ́ kí èédú ààrò tí a lọ̀ mọ́ omi ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Búrẹ́dì tó jóná, tí àwọn òyìnbó fi síbi àpòpọ̀ kan tí wọ́n ní ó ń pa oró gbogbo májèlé, kò ṣe é pẹ̀lú. Àpòpọ̀ náà pẹ́ nínú àpótí oògùn wọn kí wọ́n tó gbà pé asán ni. Kò yà wá lẹ́nu. Àwa náà ní epo pupa, tí a ó padà wá bá.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ọmọ ọdún mẹ́ta kan kalẹ̀ bí àpẹẹrẹ, ní abúlé kan ní ìhà Ìyàrà. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 14. Ó rí parasítámọ̀ lórí tábìlì, ó sì jẹ mẹ́wàá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 500, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù márùn-ún. Tí a bá pín in fún kílò 14, ó jẹ́ nǹkan bí mílígíráàmù 357 fún kílò kan, bẹ́ẹ̀ 200 ti tó láti dá ẹ̀rù bani fún ọmọdé. Ọmọ náà ń ṣeré, ara rẹ̀ le. Parasítámọ̀ kì í tètè hàn lójú. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà, ìyẹn sì lè gba ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó fojú hàn.

Parasítámọ̀ wà lára ohun tí èédú ń mú dáadáa. Ìwọ̀n fún ọmọdé ni gíráàmù kan fún kílò kan, nítorí náà gíráàmù 14 ni wọ́n máa fún un, ojú pápá bọ́ọ̀lù méjì. Wọ́n máa pò ó mọ́ omi tó fi ìlọ́po mẹ́jọ jù ú lọ, ìyẹn bí mílílítà 110, kó má baà ki jù. Ó dúdú, ó rí yanrìn-yanrìn lẹ́nu. Ife tó ní ìdérí àti ìfámu ń ran ọmọ lọ́wọ́, nítorí ojú ọmọ ló ń kọ̀ ọ́ kí ẹnu rẹ̀ tó kọ̀ ọ́. Kápúsù èédú tí wọ́n ń tà fún inú kíkún kò ṣe é lò dípò rẹ̀: tí ọ̀kan bá jẹ́ mílígíráàmù 250, ọmọ yìí á ní láti gbé 56 mì.

Ìwọ̀n tí a fẹ́ ni ìlọ́po mẹ́wàá májèlé. Fún ọmọ yìí, ìyẹn máa jẹ́ gíráàmù 50, ikùn rẹ̀ kò sì lè gbà á. Gíráàmù 14 kò tó ìlọ́po mẹ́ta. Èédú á mú apá kan, èyí tó kù á kọjá sínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, bó bá tilẹ̀ mu ún tán láìbì í, wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní wákàtí kẹrin lẹ́yìn tó jẹ ẹ́, kí wọ́n fi mọ̀ bóyá ó nílò asẹtáìlìsísítíìnì, oògùn tó ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀.

Àkókò ló le jù níbí. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, èédú tí wọ́n fún wọn lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú dín ohun tó wọ ẹ̀jẹ̀ kù ní bí ìdajì. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ohun tó ń dín kù kò tó ìdá mẹ́rin. Ìdí rẹ̀ ni pé oògùn ti kúrò nínú àpò ikùn, ìfun ti ń gbà á sínú ara, èédú sì ń sá tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ìlànà tí àwọn dókítà ń sọ, pé kí èédú dé inú ikùn láàárín wákàtí kan, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà tó ń tì gbà. Ó jẹ́ ibi tí èrè ti ń kéré ju ewu lọ. Ẹni tí ọ̀kadà máa gbé láti oko dé Kábà, kí wọ́n tó tún ní kó lọ sí Lókójà, ti sábà kọjá ibẹ̀.

Ewu wo? Èédú kì í ṣe májèlé, ṣùgbọ́n bí ó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró ó lè pani. Ẹni tó ti ń tòògbé, tó ń gìrì, tàbí tí kò lè gbé itọ́ ara rẹ̀ mì dáadáa, kò gbọ́dọ̀ rí i lẹ́nu. Kí ẹnikẹ́ni má tilẹ̀ fi ipá dà á sẹ́nu ọmọ tó ń ké. Ohun tó ṣẹ̀rù bani nípa epo pupa nìyẹn pẹ̀lú: kò ń mú májèlé, ó ń mú ènìyàn bì, ohun tó bá sì bì lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Fún ọmọ tó mu kẹrosíìnì, èyí ni ibi tí ikú ti sábà ń wá, nítorí kẹrosíìnì nínú ẹ̀dọ̀fóró burú ju kẹrosíìnì nínú ikùn lọ. Èédú kò sì wúlò fún kẹrosíìnì.

Kí ló dé tí èédú fi ń mú àwọn májèlé kan, tí kì í sì í mú àwọn mìíràn? Ojú èédú fẹ́ràn ohun tí kò gbé iná mànàmáná kankan lára, tí kò sì tètè yòrò nínú omi. Ohun kékeré tó ń yòrò sínú omi pátá, bí ọtí, yóò yọ kọjá lára rẹ̀. Asídì àti kọ́sítíìkì tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ kì í dúró de ìfun. Ibi tí wọ́n bá kàn ni wọ́n ti ń jó, èédú á sì wá kun ojú egbò náà dúdú kí dókítà má lè rí i. Irin, lítíọ́ọ̀mù, pọ́táṣíọ́ọ̀mù, àwọn wọ̀nyí ń gbé iná mànàmáná lára, èédú kò rí wọn dì mú.

Irin ló yẹ kí ilé tó ní aboyún bẹ̀rù. Ẹ mú ọmọ kílò 14 kan náà, kó jẹ́ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ló jẹ, ìyẹn pupa dídán tó jọ súìtì. Hóró 200 mílígíráàmù ní irin tó tó mílígíráàmù 65 nínú. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ 975, ìyẹn bí 70 fún kílò kan, ó sì ti kọjá 60 tí wọ́n kà sí ewu ńlá. Tí wọ́n bá fún un ní gíráàmù 14 èédú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò ní yàtọ̀ sí pé wọn kò fún un ní nǹkankan. Ó máa kọ́kọ́ bì, á yàgbẹ́, nígbà míràn ẹ̀jẹ̀ máa wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ara rẹ̀ lè dá, wọ́n á sì rò pé èédú ló ṣe é. Kò sí ìgbà tó léwu ju ìgbà ìdákẹ́jẹ́ yìí lọ, nítorí lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ àti ọkàn fi ń dáṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí ọmọ náà nílò ni fífi omi fọ ìfun láti òkè dé ìsàlẹ̀, àti dẹfẹrọ́ọ̀sámíìnì, tí wọ́n ń fún ní iṣan láti mú irin jáde.

Àwọn apakòkòrò ni wọ́n wádìí jù, nítorí àwọn ni wọ́n ń pa àgbẹ̀. Ní Sìrì Láńkà, wọ́n pín ènìyàn 4,632 tó gbé májèlé mì sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan kò gba èédú, àwọn kan gbà á lẹ́ẹ̀kan, àwọn kan gbà á léraléra. Púpọ̀ nínú wọn mu apakòkòrò, tàbí wọ́n jẹ èso igi olóró kan tó ní òdòdó òféèfèé, tí a máa ń gbìn sí ògiri ilé, tí a ń pè ní olómi ojò. Nígbà tí èsì jáde ní 2008, àwọn tó kú fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: ìpín 6.8 nínú ọgọ́rùn-ún láìsí èédú, 7.1 pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀kan, 6.3 pẹ̀lú èédú léraléra. Ọ̀pọ̀ wọn ti kọjá wákàtí kan kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn.

Nítorí náà, ohun tí nọ́ọ̀sì máa bi yín lẹ́nu ọ̀nà ni agogo mélòó ló jẹ ẹ́, mélòó ló jẹ, kí ni orúkọ rẹ̀. Ẹ mú ike tàbí sáṣẹ́ẹ̀tì náà dání, ẹ ka èyí tó kù nínú rẹ̀, kí wọ́n fi yọ iye tó jẹ. Kí ẹ̀yin náà wo aago nígbà tí ẹ rí ọmọ náà.