Kì í ṣe gbogbo fítámì tó pọ̀jù ló ń bá ìtọ̀ jáde

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ jù nípa fítámì ni pé "lò ó jàre, èyí tó bá pọ̀jù á bá ìtọ̀ jáde." Kì í kúkú ṣe irọ́ pátápátá, ohun tó sì jẹ́ kó léwu gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú fítámì C. Nǹkan bíi 75 sí 90 mílígíráàmù ni àgbàlagbà nílò lójúmọ́, àmọ́ 1,000 ló wà nínú ọ̀pọ̀ hóró tí wọ́n ń tà. Fítámì yìí ò lè rọra yọ́ wọnú ẹ̀jẹ̀ fúnra ẹ̀, àwọn alárù kan wà lára ìfun tó ń gbé e kọjá, wọn ò sì pọ̀. Tí ẹrù bá mọ níwọ̀n, wọ́n á gbé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Tẹ́ ẹ bá wá da ẹrù tó ju 1,000 sílẹ̀ lóòjọ́, èyí tí wọ́n á rí gbé ò ní tó ìdajì, ìyókù á wà nínú ìfun níbẹ̀, á máa fa omi mọ́ra, ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń ṣí ẹni tó bá lò ó lálòjù. Àwọn alárù míì tún wà ní kíndìnrín o, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n ṣa fítámì C padà kó tó bọ́ sínú ìtọ̀, àmọ́ téèyàn bá ti ń lo nǹkan bíi 200 sí 400 lójúmọ́, ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ọwọ́ wọn ò ká a mọ́, wọ́n á jẹ́ kó máa lọ. Ètò tó gbọ́n ni ká sòótọ́. Owó hóró yẹn náà ló ń bá ìtọ̀ lọ.

Mọ́tífítámì lásán ò fi bẹ́ẹ̀ léwu, torí ìwọ̀nba ni wọ́n ń fi sínú ẹ̀. Ó wúlò fẹ́ni tí nǹkan kan pàtó bá ń sọnù lára ẹ̀: ẹni tí ò jẹ ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà rárá nílò B12, bákan náà làwọn àgbàlagbà kan tí inú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ lè yọ ọ́ kúrò lára oúnjẹ mọ́. Obìnrin tó lè lóyún ní tiẹ̀ nílò 400 máíkírógíráàmù fólíìkì ásíìdì kó tó lóyún rárá, torí pé ibi tó máa di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ máa ń pa dé láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ ò tíì mọ̀ pé nǹkan ti dúró. Ẹni tó ń jẹun dáadáa tí ò sí nínú àwọn yìí, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó máa rí níbẹ̀. Wọ́n fún àwọn dókítà ọkùnrin ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tí wọ́n lé ní 14,000 ní mọ́tífítámì tàbí hóró òfìfo fún ọdún tó ju mẹ́wàá lọ, nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2012, jẹjẹrẹ dín díẹ̀ péré, àrùn ọkàn ò sì yàtọ̀ rárá.

Fítámì A ò ṣe bíi C ní tiẹ̀. Àárín ọ̀rá ló ń bá wọlé, kò sẹ́ni tó ń sọ fún un pé ibi ti kún, ẹ̀dọ̀ á sì tò ó pamọ́. Tó bá ń kọjá 3,000 máíkírógíráàmù lójúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, orí fífọ́, awọ tó ń bó àti ẹ̀dọ̀ tó ń bàjẹ́ lè tẹ̀ lé e, nínú aláboyún sì rèé, ó lè ba ẹ̀yà ara ọmọ jẹ́.

Èyí tó wá yani lẹ́nu jù ni B6, torí inú omi lòun ń yọ́, ìtọ̀ náà ló sì ń bá jáde, síbẹ̀ tó bá pọ̀ fún ìgbà pípẹ́ ó máa ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́. Ohun téèyàn nílò ò ju nǹkan bíi 1.3 mílígíráàmù lọ. Ká ní ẹnì kan ń lo mọ́tífítámì tó ní 2, ó ń lo àpapọ̀ fítámì B tó ní 50 láàárọ̀ àti lálẹ́, ó tún ní ti okun ara tó ní 25. Ìyẹn ti di 127. Òdiwọ̀n tí wọ́n ní kéèyàn má kọjá ní Amẹ́ríkà jẹ́ 100, ilẹ̀ Yúróòpù sì fà á wálẹ̀ sí 12 lọ́dún 2023. Kò sí ìgò kankan nínú mẹ́ta yẹn tó kọjá òdiwọ̀n Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀, àfi téèyàn bá jókòó ṣírò gbogbo ẹ̀ pọ̀, ta ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àtẹ́lẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ṣóṣóṣó, tó bá yá á kú tìpìrì, bàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀ kò ní mọ̀, tó bá dìde nínú òkùnkùn á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ẹsẹ̀ tó ń gún un yìí kan náà ló sì ń mú káwọn èèyàn lọ ra fítámì B, ni yóò bá fi kún un. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi hàn pé B6 ti pọ̀jù. Tí wọ́n bá dá a dúró, ara ọ̀pọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yá láàárín oṣù díẹ̀, ti àwọn míì kì í padà tán, àmọ́ láwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó lè kọ́kọ́ le sí i, àsìkò yẹn sì ni ẹni tí ò mọ̀ á ní fítámì tóun jáwọ́ ńbẹ̀ ló fà á, á sáré padà sídìí ìgò.