Bí Èrè Wákàtí Kan Ṣe Ń Di Ìṣirò Onílà Títọ́

Ká ní ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí kan wà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Àpò gàrí kan ń mú 6,000 náírà wá, ó sì ń gba iṣẹ́ wákàtí 3. Àpò láfún kan ń mú 4,000 wá, wákàtí 1 péré ló sì ń gbà. Owó ẹ̀rọ jẹ́ 6,000, ìpalẹ̀mọ́ sì ń gba wákàtí 2, ìbáà pọ̀ ìbáà kéré ni ohun tí wọ́n ṣe. Ẹ̀gẹ́ tó wà nílẹ̀ kò lè ju àpò 5 lápapọ̀, àyè tí wọ́n ń sá láfún sí kò sì gbà ju ti àpò 3 lọ. Ìbéèrè ni pé àpò mélòó nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n ṣe kí èrè wákàtí kan lè pọ̀ jù lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á sọ pé láfún nìkan ni kí wọ́n ṣe, nítorí pé 4,000 ló ń wọlé lórí wákàtí rẹ̀ kan, nígbà tí ti gàrí jẹ́ 2,000. Àṣìṣe yìí ló yẹ kí a kọ́kọ́ fà tu, torí pé ó gbàgbé owó ẹ̀rọ àti ìpalẹ̀mọ́: àpò láfún 3 ń fi 6,000 sílẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 5, ìyẹn 1,200 lórí wákàtí kan.

Bí x bá dúró fún àpò gàrí, tí y sì dúró fún láfún, ohun tí à ń wá, ní ẹgbẹ̀rún náírà, nìyí:

```
(6x + 4y - 6) / (2 + 3x + y)
```

Pípín yìí ni kò jẹ́ kó jẹ́ onílà títọ́, ìyẹn ìṣirò tí a kàn ń fi iye tí kò yí padà sọ x àti y di púpọ̀, tí a sì ń rò wọ́n pọ̀. Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ méjì kan, Charnes àti Cooper, gbé jáde ní 1962 jọ ti ẹni tó fẹ́ fi òkìtì gàrí méjì tí kò tóbi bákan náà wéra: yóò sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di iye kọ́ńgò kan, ṣùgbọ́n yóò rántí iye tó fi pín in. Níbí, wákàtí ni kọ́ńgò náà. A ó pe ìdá tí a fi sún gbogbo rẹ̀ kì ní t, ìyẹn 1 tí a fi gbogbo wákàtí pín, a ó sì kọ u fún tx, v fún ty. Èrè wá di ìlà títọ́ tí a fẹ́ kó pọ̀ jù lọ, àwọn ààlà sì tẹ̀ lé e:

```
6u + 4v - 6t
2t + 3u + v = 1
u + v <= 5t
v <= 3t
u, v, t >= 0
```

Ìdáhùn rẹ̀ ni u = 2/11, v = 3/11, t = 1/11. Bí a bá fi t pín u àti v, a ó rí gàrí àpò 2 àti láfún àpò 3: 18,000 ní wákàtí 11, ó lé díẹ̀ ní 1,636 lórí wákàtí kan. Gàrí àpò 5 ìbá mú 24,000 wá, èrè tó pọ̀ jù lápapọ̀, ṣùgbọ́n wákàtí 17 ló máa gbà, èrè wákàtí kan kò sì ní pé 1,412.

Ibi tí ọwọ́ ti máa ń yọ̀ ni apá ọ̀tún àwọn ààlà. Ẹni tó bá fi 5 àti 3 sílẹ̀ láìsọ wọ́n di 5t àti 3t ti sún àpò kì, ṣùgbọ́n kò sún ẹ̀gẹ́ kì pẹ̀lú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yóò wá sọ pé v = 1, t = 0, èrè wákàtí kan sì jẹ́ 4,000, bí ẹni pé kò sí owó ẹ̀rọ rárá. Nígbà tí a bá kọ ọ́ dáadáa, t kò lè di òdo níbí, nítorí pé u àti v náà á di òdo, ìlà wákàtí á sì sọ pé òdo jẹ́ 1. Èyí ló ń jẹ́ kí ọgbọ́n náà ṣeé gbára lé, níwọ̀n ìgbà tí ohun èlò bá ní òpin tí àpapọ̀ wákàtí kò sì lè di òdo tàbí kó dín sí òdo.

Ohun kan wà tí kò bá a kọjá. Bó bá pọn dandan kí àpò jẹ́ odidi, kò sí bí a ṣe lè gbé òfin yẹn sórí u àti v, torí pé u tí a fi t pín ló gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi, a ò sì tíì mọ t. Odidi tó jáde lókè yìí kàn bọ́ sí i bẹ́ẹ̀ ni.