Iye òní owó tó ń wọlé láìdúró

Iye òní owó tó ń wọlé láìdúró ni iye tó yẹ kéèyàn san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lónìí láti fi ra owó tó máa máa wọlé díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n máa ń lò ó fún kànga epo rọ̀bì, ibi ìwakùsà, ojú ọ̀nà tóògéètì, àti òwò èyíkéyìí tí owó rẹ̀ kì í dúró di ìparí ọdún kó tó wọlé. Èèyàn ò kàn lè ro gbogbo owó yẹn pọ̀ kó sì pè é ní iye òwò náà, torí náírà tó ń bọ̀ lọ́dún mẹ́wàá sí i ò lè tó náírà tó wà lọ́wọ́ báyìí, tọwọ́ yìí, wàá ti fi pamọ́ síbi tó ti ń bí èlé kí ìyẹn tó dé.

Ká mú ẹni tó ní bọ́ọ̀hóòlù tó fi ń ta omi. Láti àárọ̀ làwọn èèyàn ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì wá sídìí táǹkì, owó ń wọlé ní wẹ́wẹ́wẹ́, nígbà tó bá sì yọ owó dísù àti owó ọmọ tó ń bá a tà á, ₦10,000 ló ń kù lójúmọ́, ìyẹn ₦3,650,000 lọ́dún. Ó fẹ́ tà á, ẹni tó fẹ́ rà á gbà pé á lò tó 20 ọdún, àti pé tóun bá gbé owó òun síbòmíì, á máa jẹ èlé 20% lọ́dún. Tá a bá ro owó 20 ọdún yẹn pọ̀ lásán, ₦73 mílíọ̀nù ni. Ẹni tó bá san ₦73 mílíọ̀nù fún bọ́ọ̀hóòlù yẹn ti jẹ gbèsè.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni pé wọ́n á gé àkókò sí ege kéékèèké, wọ́n á mú owó tó wọlé nínú ege kan, wọ́n á dín in kù gẹ́gẹ́ bó ṣe jìnnà sí òní tó, wọ́n á wá ro gbogbo ege náà pọ̀. Àròpọ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní íntígírà:

```
PV = ∫₀ᵀ R·e^(-r·t) dt = (R/r)·(1 - e^(-r·T))
```

`PV` ni iye òní tá à ń wá, `R` ni owó tó ń wọlé lọ́dún kan, `T` ni iye ọdún, `t` ni bí ege kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí òní tó, `r` ni rétì èlé. `e` yìí, inú ọ̀rọ̀ èlé gan-an ló ti jáde. Ní 1683, Jacob Bernoulli, onímọ̀ ìṣirò ará Basel ní Siwitsalandi, ń wò ó pé tí owó 1 bá ń jẹ èlé 100% lọ́dún, èló ló máa dà? Tí wọ́n bá san èlé lẹ́ẹ̀kan, ó di 2, lẹ́ẹ̀mejì, ó di 2.25, lóṣooṣù, ó di bíi 2.61, lójoojúmọ́, bíi 2.71, bó sì ti wù kí wọ́n pín in wẹ́wẹ́ tó, kò ní kọjá nǹkan bíi 2.71828. Nọ́ńbà yẹn ni Euler, onímọ̀ ìṣirò míì, wá fún ní lẹ́tà `e` nígbà tó yá.

Ibi táwọn èèyàn ti máa ń ṣì í jù ni `r`. Èlé 20% tí wọ́n ń kà lọ́dún kọ́ ni `r`, torí `r` jẹ́ ti èlé tó ń gorí èlé ní gbogbo ìṣẹ́jú. Èèyàn á kọ́kọ́ yí i padà, `r = ln(1 + 0.20)`, kálíkúlétọ̀ tó bá ti ní bọ́tìnì `ln` á gbé 0.1823 jáde. Ó wá di:

```
PV = (3,650,000 / 0.1823)·(1 - e^(-0.1823·20)) ≈ 19,500,000
```

₦19.5 mílíọ̀nù, kò tiẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ₦73 mílíọ̀nù yẹn. Ẹni tó bá kàn ki 0.20 bọ ibi `r`, nǹkan bíi ₦17.9 mílíọ̀nù ló máa rí, olówó bọ́ọ̀hóòlù á pàdánù bíi ₦1.6 mílíọ̀nù nítorí bọ́tìnì kan tí wọn ò tẹ̀.

Àwọn míì máa ń ṣe é bí ẹni pé owó ọdún kọ̀ọ̀kan wọlé lápapọ̀ lọ́jọ́ tí ọdún parí, ìyẹn náà á fún wọn ní ₦17.8 mílíọ̀nù, torí wọ́n ti fi owó oṣù kíní jókòó de oṣù kejìlá. Èyí tó sún mọ́ ọn dáadáa ni kí wọ́n gbà pé owó ọdún kọ̀ọ̀kan wọlé ní àárín ọdún, bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe níbi iṣẹ́ nìyẹn, ₦19.47 mílíọ̀nù ló sì ń gbé jáde, ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti íntígírà ò tó ₦30,000.

Nínú ₦19.5 mílíọ̀nù yẹn, nǹkan bíi ₦12 mílíọ̀nù ló wá látinú ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ nìkan. Pẹ̀lú rétì yìí, iye owó ń dín sí ìdajì ní ọdún 3.8 sí ọdún 3.8 (`ln 2 / r` ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n). Ká tiẹ̀ ní bọ́ọ̀hóòlù náà ò ní gbẹ láéláé, fọ́múlà á kàn di `R/r`, ó sì di ₦20 mílíọ̀nù, ìyẹn ni pé gbogbo ọdún tó wà lẹ́yìn ogún ọdún títí ayé ò ju nǹkan bíi ₦520,000 lọ lónìí. Torí náà kò fi bẹ́ẹ̀ sídìí kí wọ́n máa jiyàn bóyá 20 ọdún ni tàbí 25, bóyá ₦10,000 yẹn ń wọlé lóòótọ́ ni kí wọ́n lọ wò, kí wọ́n jókòó sídìí táǹkì fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ọ̀sẹ̀ kan nígbà òjò.

Ìnáwó gọbọi kan kì í sí nínú íntígírà yìí. Tí wọ́n bá mọ̀ pé wọ́n máa pààrọ̀ pọ́ǹpù lọ́dún kẹjọ pẹ̀lú ₦1.5 mílíọ̀nù, lọ́tọ̀ ni wọ́n á ti dín ìyẹn kù, `1,500,000·e^(-0.1823·8)`, ó di bíi ₦349,000, wọ́n á wá yọ ọ́ kúrò.

Ọ̀wọ́n gógó ọjà ló ń da ìṣirò yìí rú jù ní ìlú tí owó ọjà ti ń lọ sókè. Èlé 20% yẹn ti gbé ọ̀wọ́n gógó sínú, ṣùgbọ́n ₦10,000 lójúmọ́ tá a lò fún gbogbo 20 ọdún ń ṣe bí ẹni pé owó kẹ́ẹ̀gì omi kan ò ní wọ́n sí i láé. Ká ní owó tó ń kù ń lọ sókè ní 15% lọ́dún, `g = ln(1.15)`, ìyẹn 0.1398, `r - g` á wá gba ipò `r` nínú fọ́múlà:

```
PV = (R/(r-g))·(1 - e^(-(r-g)·T)) ≈ 49,150,000
```

Bọ́ọ̀hóòlù kan náà, láti ₦19.5 mílíọ̀nù sí ₦49 mílíọ̀nù. Tí `g` bá dọ́gba pẹ̀lú `r`, fọ́múlà á fẹ́ pín nǹkan pẹ̀lú òdo, kálíkúlétọ̀ á yarí, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn ò le rárá, `R·T` ni, ₦73 mílíọ̀nù tá a kọ́kọ́ rò pọ̀ lásán. Ṣùgbọ́n tẹ́ni tó ń tà á bá sọ pé títí ayé ni owó òun á máa lọ sókè ju èlé lọ, àròpọ̀ náà ò ní dúró síbì kan, kò sí iye tí wọ́n lè pè é.