Bí ohùn tí a gbà lọ́tọ̀ ṣe ń bá fídíò mu: àtẹ́wọ́, ìgbì ohùn àti aago méjì

Kámẹ́rà tó bá jìnnà sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kì í gbọ́ ọ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń so makirofóònù kékeré mọ́ aṣọ ẹni náà lágbègbè àyà, tí ẹ̀rọ mìíràn, bóyá fóònù inú àpò rẹ̀, yóò sì máa gba ohùn náà sílẹ̀. Tí iṣẹ́ bá wá dé orí kọ̀ǹpútà, fáìlì méjì ló máa wà níbẹ̀: fídíò pẹ̀lú ohùn tí kámẹ́rà gbà fúnra rẹ̀ láti òkèèrè, àti ohùn mímọ́ tí kò mọ ìgbà tí àwòrán bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè tẹ bọ́tìnì ẹ̀rọ méjèèjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà gẹ́lẹ́, nítorí náà ẹ ní láti wá ohun kan tó hàn nínú àwọn méjèèjì.

Ohun tó rọrùn jù ni àtẹ́wọ́ kan ṣoṣo. Ojú ń rí i, etí sì ń gbọ́ ọ. Nínú àwòrán ìgbì ohùn, ariwo rẹ̀ máa ń yọ gàgà lójijì, kò dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Fídíò jẹ́ àwòrán púpọ̀ tó ń tẹ̀ lé ara wọn, fírémù sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó ń ṣe ẹ́díìtì á wá fírémù àkọ́kọ́ tí ọwọ́ méjèèjì ti fara kan ara wọn, á sì fa ohùn náà títí ibi tó yọ yẹn fi bọ́ sórí fírémù náà. Kílápà tí wọ́n ń lò níbi tí wọ́n ti ń ya sinimá kò ṣe ju èyí lọ, àfi pé ó tún ń fi nọ́ńbà ìran hàn. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì hàn sí kámẹ́rà pátápátá, kí ó sì jẹ́ ìpàtẹ́ kan. Tó bá di mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó rọrùn láti so ìkejì inú ohùn mọ́ ìkẹta inú àwòrán.

Àtẹ́wọ́ ní ibi tó mọ. Fídíò tó ń lọ ní fírémù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń fún fírémù kọ̀ọ̀kan ní mílísẹ́kọ́ǹdù 40. Ohùn ní tirẹ̀, ìgbà 48,000 ni ẹ̀rọ ń wọ̀n ọ́n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà, èyí tó jẹ́ ìgbà 1,920 nínú fírémù kan. Ọwọ́ sì lè pàdé láàárín fírémù kan sí èkejì, kí kámẹ́rà má rí i gan-an. Nítorí náà àṣìṣe tó sún mọ́ fírémù kan lè wà, bó ti wù kí ojú mú tó.

Ọ̀nà kejì ni kí sófítíwià fi ìgbì ohùn wé ìgbì ohùn. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Ṣe ló ń gbé ohùn mímọ́ sórí èyí tí kámẹ́rà gbà, tó ń sún un síwá sẹ́yìn, tó sì ń ṣírò bí gíga àti rírẹlẹ̀ àwọn méjèèjì ṣe jọra tó ní ibi kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ìjọra ti pọ̀ jù ló máa mú. Nínú DaVinci Resolve, sófítíwià tí wọ́n fi ń ṣe ẹ́díìtì fídíò, ẹ ó yan fáìlì méjèèjì, ẹ ó tẹ bọ́tìnì ọ̀tún máòsì, ẹ ó sì lọ sí `Auto Sync Audio`, lẹ́yìn náà `Based on Waveform`. Ẹni tó bá pa makirofóònù kámẹ́rà nítorí pé kò ní lo ohùn rẹ̀ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ sófítíwià nìyẹn, nítorí kò ní rí nǹkan fi wé. Afẹ́fẹ́ tó bo ohùn kámẹ́rà mọ́lẹ̀ lè ṣe irú ẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni orin tí ìlù rẹ̀ ń tún ara rẹ̀ ṣe: sófítíwià lè fi ìgbésẹ̀ ìlù kan pe òmíràn.

Ẹ máa fi etí yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kí ohùn méjèèjì máa dún pọ̀. Tí ẹ bá gbọ́ bí ẹni pé ènìyàn méjì ń tẹ̀ lé ara wọn sọ ọ̀rọ̀ kan náà, kò tíì bá ara wọn mu. Tó bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ pa ti kámẹ́rà.

Ibi tí àtẹ́wọ́ àti ìgbì ohùn ti yàtọ̀ síra ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí. Bí mànàmáná ṣe ń kọ́ yọ kí ààrá tó sán, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ń pẹ́ dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà. Nǹkan bíi mítà 343 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí kámẹ́rà bá wà ní mítà 20, ohùn á pẹ́ ní mílísẹ́kọ́ǹdù 58, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fírémù kan àtààbọ̀. Sófítíwià yóò wá mú ohùn mímọ́ bá ohùn tó pẹ́ yìí mu dáadáa, ohùn mímọ́ náà á sì pẹ́ ju ẹnu lọ. Àtẹ́wọ́ tí a pa nítòsí makirofóònù àyà kò ní ìṣòro yìí, nítorí àwòrán la fi ń wò ó. Ìlànà ITU-R BT.1359 sọ pé òǹwòran máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fura tí ohùn bá fi nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 45 ṣáájú àwòrán, tàbí tó bá fi 125 pẹ́. Èyí ni pé 58 kò ní hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n tí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá kún gbogbo àwòrán, ó sàn kí a fa ohùn náà síwájú ní fírémù kan.

Ká wá ní pé ìbẹ̀rẹ̀ ti bára mu. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà gba 50 ìṣẹ́jú, wọ́n sì tún pàtẹ́wọ́ kí wọ́n tó pa kámẹ́rà. Àtẹ́wọ́ ìparí yìí wá dún ní fírémù 3 lẹ́yìn tí ọwọ́ ti pàdé, ìyẹn mílísẹ́kọ́ǹdù 120. Kò sẹ́ni tó ṣe àṣìṣe. Aago tó wà nínú fóònù àti èyí tó wà nínú kámẹ́rà ni kò sáré bákan náà. Nínú ìṣẹ́jú àáyá 3,000, ìyàtọ̀ 120 mílísẹ́kọ́ǹdù jẹ́ ìdá 40 nínú mílíọ̀nù kan, kò sì ṣàjèjì láàárín ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú méjì. Tí kò bá sí àtẹ́wọ́ ìparí ni, ẹnu tí kò bá ọ̀rọ̀ lọ mọ́ ni ì bá kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ń fi fírémù kan pọ̀ sí i ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú 16 àti ìṣẹ́jú àáyá 40 kọ̀ọ̀kan. Kò ní ká na ohùn tàbí ká fún un pọ̀, gígé ló rọrùn jù. Gé ohùn náà ní ibi tí ẹni náà ti dákẹ́ nítòsí 8:20, fa gbogbo ohun tó kù síwájú ní fírémù kan, kí o sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ nítòsí 25:00 àti 41:40. Ní 8:20, ohùn ti pẹ́ ní ààbọ̀ fírémù. Lẹ́yìn tí a bá fà á, á wá yá ju àwòrán lọ ní ààbọ̀ fírémù, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Títí dé òpin, àṣìṣe kò ní ju nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 20 lọ. Tó bá jẹ́ pé àtẹ́wọ́ ìparí ló ṣáájú ọwọ́, sẹ́yìn ni ẹ ó máa tì í.

Àmọ́ ìyàtọ̀ tó bá tó ìṣẹ́jú àáyá 5 láàárín ìṣẹ́jú kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ aago. Ohùn tí a wọ̀n ní ìgbà 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ẹ̀rọ ń kà bíi 48,000, ẹ ó sì gbọ́ ọ tí ohùn á tín-ín-rín. Tí ìyàtọ̀ bá sì ń pọ̀ ní ibì kan, tó ń dín kù ní ibòmíràn, ẹ fura sí fóònù tó ya fídíò: ọ̀pọ̀ wọn kì í fi iye fírémù kan náà ya àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ kọ́kọ́ fi ffmpeg, sófítíwià tí a ń fi àṣẹ títẹ̀ darí, sọ ọ́ di iye kan náà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohùn rárá:

```
ffmpeg -i fidio.mp4 -fps_mode cfr -r 30 -c:a copy fidio_tuntun.mp4
```