Nọ́ńbà méjì ara pọ́ọ̀ǹpù ò lè wáyé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta pọ́ọ̀ǹpù ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ní ẹ fẹ́ èyí tó máa ti omi lọ sí ṣáwà òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni "họ́ọ̀sì mélòó?", ìyẹn bí mọ́tò ẹ̀ ṣe lágbára tó. Ẹ bá ní ẹ ò mọ̀, ẹni tó ń tà á á nawọ́ sí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀, H max 35 m, Q max 35 L/min, á ní "Dádì, ẹ wò ó, ó ń gbé omi ga tó mítà 35, ó sì ń tú lítà 35 jáde ní ìṣẹ́jú kan, ilé yín ò ga tó bẹ́ẹ̀ jàre." Ẹ̀yin náà á wò ó pé ilé alájà kan ò kúkú ga tó mítà 10, owó á jáde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ẹ á máa bú pulọ́ńbà.

Nọ́ńbà méjèèjì yẹn ò wà lójú kan náà rárá. H max ni ibi gíga jù lọ tí pọ́ọ̀ǹpù yẹn lè ti omi dé, àmọ́ tí omi bá ti dé ibẹ̀ kò ní jáde mọ́, ṣe ló máa dúró sínú páìpù, ẹ̀kán kan ò ní kán. Q max ní tiẹ̀ ni iye omi tó ń jáde nígbà tí kò síbi tó ń gbé e gùn, tí ẹnu páìpù ṣí sílẹ̀ gbayawu. Alábàárù Òkè-Àjé lè gbé àpò gààrí rù kó dúró, ó sì lè fi orí òfìfo sáré, ẹ má kàn ní kó gbé àpò yẹn sáré ni. Ìdí nìyẹn tí títẹ́sítì inú dúrọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀bù fi ń tan èèyàn jẹ, omi á máa tú yàà, ẹ á máa rẹ́rìn-ín, Q max lásán lẹ sì ń wò yẹn.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bèèrè ni ìwé kékeré tó wà nínú páálí, èyí tí wọ́n sábà máa ń jù dànù. Àwòrán kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kọ́ọ̀fù. Ìlà ìsàlẹ̀ tó nà gbalaja ni Q, ìyẹn iye omi, ìlà tó dúró ṣánṣán lápá òsì ni H, ìyẹn hẹ́ẹ̀dì, agbára tí pọ́ọ̀ǹpù fi ń ti omi gòkè, wọ́n ń fi mítà kà á. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ láti òkè lápá òsì tó wá ń sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀tún ni pọ́ọ̀ǹpù fúnra ẹ̀. Ẹ fi ìka sí iye omi tẹ́ ẹ fẹ́ nísàlẹ̀, ẹ gbé e lọ sókè tààrà títí tó máa kan ìlà yẹn, kẹ́ ẹ wá yà sápá òsì, mítà tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀ ni hẹ́ẹ̀dì tí pọ́ọ̀ǹpù yẹn ní fún iye omi yẹn. Àwọn míì máa ń fi m³/h kọ Q, ẹ fi 16.7 sọ ọ́ di ìlọ́po kó tó di lítà ìṣẹ́jú kan.

Ó wá ku kẹ́ ẹ mọ ohun tí ilé yín ń fẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú ilé alájà kan, tí táńkì ẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ torí pé wọn ò rọ sítáńdì. Ẹ má ṣírò fún ọjọ́ tí èèyàn méjì péré wà nílé o, ọjọ́ Ojúde Ọba ni kẹ́ ẹ ṣírò fún, nígbà tí àlejò kún fọ́fọ́ tí gbogbo wọn sì fẹ́ wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣáwà méjì, lítà 9 níkọ̀ọ̀kan, ẹnu ẹ̀rọ béèsìn kan tó ń gba lítà 7, ó di lítà 25 ní ìṣẹ́jú kan.

Ní ti hẹ́ẹ̀dì, ẹ wọn ibi tí omi máa ń wà nígbà tó bá fẹ́ tán nínú táńkì, títí dé orí ṣáwà òkè, ká ní mítà 6. Ẹ tún fẹ́ kí omi yẹn ní agbára tó bá dé ṣáwà, báà ni wọ́n fi ń wọn agbára yẹn, báà kan dáa, ìyẹn bíi mítà 10. Èyí táwọn èèyàn ń gbàgbé ni ohun tí páìpù àti ẹ́líbò máa jẹ lójú ọ̀nà, ká fi í sí mítà 6 tó bá jẹ́ páìpù tí inú ẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 20. Tí pulọ́ńbà bá lọ fi èyí tí inú ẹ̀ ò ju mílímítà 15 lọ ṣe é torí owó, ohun tó máa jẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin, pọ́ọ̀ǹpù tó dáa ò sì lè tún ìyẹn ṣe. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ mítà 22. Lítà 25 ní mítà 22, òun lẹ máa gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ wá padà sórí pọ́ọ̀ǹpù 35 àti 35 yẹn, ó jẹ́ irú èyí tí kọ́ọ̀fù ẹ̀ ń já wálẹ̀ bí àkàbà. Ẹ gbé ìka láti lítà 25, mítà 10 lẹ máa bá níbẹ̀. Kò tó ìdajì ohun tẹ́ ẹ ń wá. Kì í ṣe pé omi ò ní jáde o, bí omi bá ti dín kù ohun tí páìpù ń jẹ náà á dín kù, àwọn méjèèjì á wá pàdé níbi bíi lítà 19, omi á dé ṣáwà pẹ̀lú bíi mítà 6 dípò 10. Ẹnì kan á wẹ̀ dáadáa, ìkejì á ṣí tiẹ̀, àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, họ́ọ̀sì kan, H max 32 m, Q max 100 L/min. Ẹni tó ń wo bébà nìkan á ní èyí kò tó ti àkọ́kọ́ torí 32 kéré sí 35. Àmọ́ kọ́ọ̀fù tiẹ̀ rọra ń sọ̀ ni, ní lítà 25 mítà 30 ló wà, tẹ́ ẹ bá sì so ó mọ́ páìpù yín á máa fún yín ní bíi lítà 30.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní họ́ọ̀sì ló ṣe é. Rárá. Họ́ọ̀sì kan míì wà tí wọ́n ṣe fún kíkó omi púpọ̀ láti ibi tí kò jìn, omi ẹ̀ á máa ya bí odò, àmọ́ H max ẹ̀ lè má ju mítà 18 lọ. Ìyẹn ò lè dé 22 láéláé, iná kan náà ló sì ń jẹ. Ẹ tún wò ó bóyá 50 Hz, tó jẹ́ ti iná wa, ni wọ́n kọ sórí kọ́ọ̀fù yẹn. Tó bá jẹ́ ti 60 Hz, lórí iná wa níbí hẹ́ẹ̀dì ẹ̀ á wálẹ̀ sí bíi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ohun kan ṣoṣo tí H max wúlò fún tààrà ni súwíìṣì tó ń pa pọ́ọ̀ǹpù fúnra ẹ̀. Mítà 32 jẹ́ báà 3.2. Tí wọ́n bá lọ sẹ́ẹ̀tì súwíìṣì yẹn kó pa á ní báà 3.5, kò ní débẹ̀ láé, gbogbo ẹnu ẹ̀rọ ti wà ní pípa, ẹ á ṣì máa gbọ́ ọ tó ń kùn lẹ́yìnkùlé, ẹ fọwọ́ kan ara ẹ̀ ó ti ń gbóná. Ẹ ní kí pulọ́ńbà dá a padà sí bíi 2.8.