Ó ń gbọ́ ohùn, àmọ́ kò gbọ́ ọ̀rọ̀: iṣẹ́ tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ń ṣe nínú etí

Ẹ bá ẹni tó dúró síbi tí ọwọ́ yín lè nà dé sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ní láti gbé ohùn sókè kó tó gbọ́ yín, ó ṣeé ṣe dáadáa kí ariwo ibẹ̀ ti tó dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì 85, tàbí kó ti kọjá bẹ́ẹ̀. Dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì ni òdiwọ̀n tí a fi ń wọn ariwo, wákàtí 8 lóòjọ́ sì ni a máa ń fi ṣe ààlà fún 85.

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé 88 kì í ṣe ọmọ ìyá 85. Bí iye náà bá fi 3 lé sí i, agbára ariwo ti di ìlọ́po méjì, wákàtí tí etí lè fara dà á á sì dín sí ìdajì. Wákàtí 4 ni ti 88. Wákàtí 2 ni ti 91. Bó bá di 100, irú èyí tí olórin tó dúró níwájú sípíkà ńlá máa ń gbà sétí, ìṣẹ́jú 15 péré ni.

Ọlọ́jà kan wà tí mo yẹ etí rẹ̀ wò láàárọ̀ kùtù, kó tó dé ìsọ̀ rárá, torí etí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ariwo jáde lè di fún ìgbà díẹ̀ kó sì tan ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi dá mi lójú pé òun ń gbọ́ràn, pé àwọn oníbàárà ni kì í la ẹnu sọ̀rọ̀. Ìròyìn rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ohùn tó nípọn ń wọlé sí i geere, àmọ́ nígbà tí mo dé ohùn tín-ín-rín tó wà ní nǹkan bíi 4,000 lórí hẹ́ẹ̀tìsì, òdiwọ̀n tó ń sọ bí ohùn ṣe tín-ín-rín tó, kò gbọ́ ọ mọ́, etí méjèèjì ni. Bí mo ṣe kọjá sí 8,000, ó tún gbọ́ díẹ̀. Bí a bá rí irú kòtò bẹ́ẹ̀ lórí ìwé àyẹ̀wò, ariwo la máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Ìdí rẹ̀ ni pé nínú etí lọ́hùn-ún, níbi tó ká bí ìkarahun ìgbín, irun wẹ́wẹ́ kan wà tó ń bá wa gba ohùn. Ariwo ń pa wọ́n díẹ̀díẹ̀, àwọn tó ń gba ohùn tín-ín-rín ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Èyí tó bá kú kì í hù mọ́. Kò sí oògùn tó ń dá a padà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da òróró gbígbóná sí yín létí nítorí rẹ̀.

Ẹ wá pe “tà á”, “kà á”, “fà á” àti “ṣà á”. Ohùn wọn bára mu, kọ́ńsónáǹtì iwájú nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ nínú irú kọ́ńsónáǹtì bẹ́ẹ̀ ló sì wà lápá ibi tí etí ọkùnrin yìí ti lọ. Ìdí nìyẹn tó fi mọ̀ pé wọ́n ń bá òun sọ̀rọ̀ tí kò sì mọ ohun tí wọ́n sọ.

Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wà ní nǹkan bíi mítà kan sí àga tó ń jókòó lé, 91 ni ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ariwo kà níbẹ̀, láti àárọ̀ dalẹ́ ló sì ń ṣiṣẹ́. Ní gbangba, bí a bá sọ jíjìnnà rẹ̀ di ìlọ́po méjì, iye náà máa ń já wálẹ̀ ní nǹkan bíi 6: mítà 2 á fún wa ní 85, mítà 4 á fún wa ní 79. Àmọ́ àárín ògiri méjì ni tirẹ̀ wà, ògiri sì ń da ariwo padà. A ní kó gbé e lọ sẹ́yìn ìsọ̀, kó fi wáyà tó nípọn fa iná, kó kọ ẹnu sailẹ́ńsà sí ibi tí èèyàn kò sí, kó sì pààrọ̀ sailẹ́ńsà náà nítorí ó ti jẹrà. Kò gbọdọ̀ gbé e wọnú ilé láti pa ariwo mọ́ o. Èéfín rẹ̀ ń pani. Ó tún ní láti bá aládùúgbò rẹ̀ sọ ọ́, torí jẹnẹrétọ̀ méjì tí ariwo wọn dọ́gba ń fi 3 kún iye náà.

Fóòmù tí wọ́n ń fi dí etí wúlò fún ẹni tí kò lè sún kúrò nídìí ariwo, bí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá. Òwú lásán kò tó. Ẹ fi ọmọ ìka lọ́ ọ títí á fi tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gba orí kọjá fi ọwọ́ kejì fa etí sókè àti sẹ́yìn, ẹ tì í wọlé, kí ẹ sì fi ìka dì í mú fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 kó lè wú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí méjèèjì. Bí ariwo bá tún lọ sílẹ̀ gan-an, fóòmù kò wọlé dáadáa, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tún un ṣe.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn òṣìṣẹ́ jà nìyí: wọ́n máa ń yọ ọ́ láti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Fóòmù tó ń gé 30 kúrò, bí ẹ bá yọ ọ́ fún wákàtí kan péré nínú 8, àǹfààní gbogbo ọjọ́ náà á já sí nǹkan bíi 9. Bí ẹ bá yọ ọ́ fún wákàtí 4, ó ku 3. Fóòmù tí kò gé ariwo púpọ̀, tí ẹ lè fi sétí látàárọ̀ dalẹ́, sàn ju èyí tó ń gé púpọ̀ tí ẹ ó máa yọ lọ.

Bí etí bá ń hó tàbí tó di lẹ́yìn iṣẹ́, tó sì là nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ariwo ọjọ́ náà ti pọ̀ jù, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n bí etí kan ṣoṣo bá ṣàdédé di, ẹ má dúró de àárọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ rí dókítà, torí a ṣì lè rí nǹkan ṣe sí irú ìyẹn bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.